Orí Kẹrin: Ìdí tí √2 kò fi lè jẹ́ ìdá

Ẹ mú bébà A4 kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì, kí ẹ sì ká a sí méjì ní àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn. Ìlàjì tó jáde ni à ń pè ní A5. Ó kéré sí èyí tí ẹ ká, àmọ́ ìrísí kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Bí ẹ bá ya àwòrán tó kún ojú A4, tí ẹ sì ní kí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì dín in kù, yóò bọ́ sójú A5 wẹ́kú, láìsí àlàfo lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí ìwà yìí gan-an ni àwọn ará Jámánì ṣe yan irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún bébà wọn ní ọdún 1922, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì wá gbà á lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwà yìí ń béèrè lọ́wọ́ bébà. Ká pe ẹ̀gbẹ́ gígùn ní g, ká pe ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ní k. Nígbà tí a bá ká bébà náà, k tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú tẹ́lẹ̀ yóò di ẹ̀gbẹ́ gígùn, ìlàjì g yóò sì di ẹ̀gbẹ́ kúkúrú. Ìrísí kò yí padà, nítorí náà:

g/k = k/(g/2), èyí tó já sí g² = 2k².

Ìyẹn ni pé bí a bá fi k pín g, a óò rí nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí a bá fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, 2 ni yóò fún wa. Nọ́ńbà yìí ni gbòǹgbò alágbára méjì ti 2, tí à ń kọ ní √2.

Ẹ wá fi rúlà wọn bébà náà. Ẹ̀gbẹ́ gígùn jẹ́ mìlímítà 297, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú jẹ́ 210. Bí a bá fi 297 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, a ó rí 88,209. Bí a bá fi 210 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 88,200 ni. Ó fi 9 lé. Kò sí ojú tó lè rí irú àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ lórí bébà, ṣùgbọ́n 9 kì í ṣe òdo. Ṣé àwọn tó ṣètò bébà yìí ò ṣe é dáadáa ni? Ká ní wọ́n lo ìwọ̀n tó kéré ju mìlímítà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, tàbí ìlọ́po mílíọ̀nù, ṣé wọn ì bá rí nọ́ńbà odidi méjì tó máa mú kí g² bá 2k² dọ́gba géérégé?

Wọn ò ní rí i. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti rúlà. Ohun tí orí yìí wà fún ni láti fi hàn bí a ṣe lè mọ èyí dájú láìdán nọ́ńbà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rí tì

Nọ́ńbà oníìpín ni nọ́ńbà tí a lè kọ ní a/b, níbi tí a àti b ti jẹ́ nọ́ńbà odidi, tí b kì í sì í ṣe òdo. 3/4 jẹ́ oníìpín. 5 náà jẹ́ oníìpín, torí 5/1 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni 0.35, tó jẹ́ 7/20. Nọ́ńbà tí kò ṣe é kọ báyìí rárá ni à ń pè ní aláìníìpín.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí a ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ kejì yẹn. Bí ẹnì kan bá ní nọ́ńbà kan jẹ́ oníìpín, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: kó mú ìdá kan ṣoṣo wá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà kan kì í ṣe oníìpín ló wà nínú wàhálà, nítorí ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo ìdá tó wà láyé, kò sí ọ̀kan tó bá a mu. Ìdá kò lópin. Bí ó bá dán mílíọ̀nù kan wò tí gbogbo wọn sì kùnà, a lè dá a lóhùn pé èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò bọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ sá gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìṣírò. Wọ́n á tẹ √2 sórí fóònù, fóònù á kọ 1.414213562, wọ́n á sì kọ sínú ìwé ìdánwò pé «kò parí, kò sì tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà aláìníìpín ni.» Mo ti fa igi pupa sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Òótọ́ ni pé 1.414213562 kì í ṣe √2: nọ́ńbà tó kẹ́yìn rẹ̀ ni 2, nítorí náà bí a bá fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, 4 ni yóò wà ní ìdí èsì náà, nígbà tí 2 tí à ń wá kò ní nǹkan kan lẹ́yìn àmì ẹ̀sún. A tilẹ̀ lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1 dé 9, kò sí nọ́ńbà kankan tí a fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ tí òdo máa gbẹ̀yìn èsì rẹ̀, nítorí náà kò sí nọ́ńbà oníẹ̀sún tó parí síbì kan tó lè jẹ́ √2. Ṣùgbọ́n kí nìyẹn sọ fún wa? 1/3 náà kì í parí, 0.333... ni yóò máa lọ, síbẹ̀ ìdá ni. Ní ti pé kò tún ara rẹ̀ ṣe, ta ló ti rìn dé òpin rẹ̀ tó fi mọ̀? Nọ́ńbà mẹ́wàá ni fóònù fi hàn wá. Ìtúnṣe lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mílíọ̀nù kan.

Ká ní

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ṣe iṣẹ́ tí a nílò níbí: «ká ní». Ká ní òjò rọ̀ lóru àná, àgbàlá ì bá tutù láàárọ̀ yìí. Àgbàlá gbẹ, eruku ń sọ níbẹ̀. Nítorí náà òjò ò rọ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò jókòó ṣọ́ ojú ọ̀run mọ́jú. Ó gba òdìkejì ohun tó fẹ́ sọ wọlé fúngbà díẹ̀, ó tẹ̀ lé e títí tó fi forí gbárí pẹ̀lú ohun tí kò ṣe é sẹ́, ó wá lé e jáde.

Ẹ̀rí nípa ìtakora nìyẹn. A óò dá a lábàá pé √2 jẹ́ ìdá. A óò tẹ̀ lé àbá náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí tí a ó fi dé ibi tí ohun kan ti jẹ́ òótọ́ tó sì tún jẹ́ irọ́. Nígbà náà àbá yẹn ló gbọ́dọ̀ wó.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra, àwọn ìwé kì í sì í tẹnu mọ́ ọn tó. Ìtakora kì í na ìka sí ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó ń sọ ni pé irọ́ kan wà nínú ohun tí ẹ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ àbá náà, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ṣi ìṣírò ṣe ní ìlà kẹta. Ẹni tó bá kọ 7 × 8 = 54 yóò rí ìtakora níbikíbi tó bá fẹ́, kò sì fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù fi gbọ́dọ̀ le bí irin, kó má baà sí ẹlòmíràn tí a lè fura sí yàtọ̀ sí àbá yẹn.

Ẹ̀rí kékeré tí ẹ̀rí ńlá dúró lé

Ká sọ pé a ní àwọn ọsàn kan tí a fẹ́ tò ní méjì-méjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ní ẹnìkejì, a óò pe iye rẹ̀ ní aláìṣẹ́kù. Bí ọ̀kan bá dá wà ní ìparí, a óò pe iye rẹ̀ ní aṣẹ́kù. 6 jẹ́ aláìṣẹ́kù, 7 jẹ́ aṣẹ́kù. Gbogbo nọ́ńbà aláìṣẹ́kù ṣe é kọ ní 2m, gbogbo aṣẹ́kù sì ṣe é kọ ní 2m + 1, níbi tí m ti jẹ́ nọ́ńbà odidi.

Ohun tí a nílò ni èyí: bí n² bá jẹ́ aláìṣẹ́kù, n fúnra rẹ̀ jẹ́ aláìṣẹ́kù. Ó dà bí ohun tó hàn gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti n² yóò rí i pé ọ̀nà dí. Ó lè kọ n² = 2m, kí ló kàn? Gbòǹgbò 2m? Kò gbé wa débì kankan. Ẹ jẹ́ ká gba ìdàkejì, bíi ti òjò àti àgbàlá. Ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí n bá jẹ́ aṣẹ́kù, ìyẹn n = 2m + 1. Nígbà náà:

n² = (2m + 1)² = 4m² + 4m + 1 = 2(2m² + 2m) + 1.

Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù yẹn. Aṣẹ́kù tí a fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ máa ń bí aṣẹ́kù nígbà gbogbo. Nítorí náà, bí n² bá jẹ́ aláìṣẹ́kù, n kò lè jẹ́ aṣẹ́kù, kò sì sí ọ̀nà kẹta.

Àwọn ìdá tó fẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀

Kí a tó kọ ẹ̀rí náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé, ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí àwọn ìdá tó súnmọ́ √2 jù fi kùnà. A ti rí ọ̀kan: 297/210. Àwọn méjèèjì ṣe é fi 3 pín, nítorí náà 99/70 ni. 99² jẹ́ 9,801. 2 × 70² jẹ́ 9,800. Ó ku 1.

Òmíràn wà tó ti pẹ́ ju bébà lọ. Wàláà amọ̀ kan láti Bábílónì wà ní Yunifásítì Yéèlì ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní 3,500 ọdún. Wọ́n ya igun mẹ́rin ọgbọọgba sórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìlà tó gba àárín kọjá láti igun dé igun, wọ́n sì kọ nọ́ńbà mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà: 1, 24, 51, 10. Ọgọ́ta-ọgọ́ta ni àwọn ará Bábílónì ń kà, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ ni 1 + 24/60 + 51/3,600 + 10/216,000. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, 30,547/21,600 ni. Nọ́ńbà òkè lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 933,119,209. Ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 933,120,000. Nínú nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún, 791 péré ló fi dín. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: a ò nílò ìṣírò náà rárá láti mọ̀ pé kò ní bára mu. 30,547 jẹ́ aṣẹ́kù, nítorí náà ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ aṣẹ́kù. Ohun tí a fẹ́ kó bá dọ́gba jẹ́ ìlọ́po méjì nǹkan, aláìṣẹ́kù sì ni. Aṣẹ́kù kò lè dọ́gba pẹ̀lú aláìṣẹ́kù láé. 99 náà jẹ́ aṣẹ́kù, ohun kan náà ló sì pa á. Gbogbo ìdá tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ aṣẹ́kù, bó ti wù kó súnmọ́ tó, ti bọ́ kúrò nínú ìdíje kó tó bẹ̀rẹ̀. Arisítótù ará Gíríìsì mẹ́nu ba ẹ̀rí yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìrònú, bí ó sì ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn: bí ìlà àárín igun mẹ́rin ọgbọọgba àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ní ìwọ̀n kan náà tó lè wọn àwọn méjèèjì tán, àwọn aṣẹ́kù á wá di ọgbọọgba pẹ̀lú àwọn aláìṣẹ́kù.

Àwọn ìdá wo ló kù? Àwọn tí nọ́ńbà òkè wọn jẹ́ aláìṣẹ́kù. A ti dín ìdá náà kù tán kí a tó wò ó, nítorí náà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣẹ́kù. Bí òun náà bá jẹ́ aláìṣẹ́kù, a ì bá tún fi 2 pín àwọn méjèèjì. Ẹ mú 24/17. 24² jẹ́ 576. 2 × 17² jẹ́ 578. Àlàfo 2 ló wà láàárín wọn, àlàfo náà kò sì lè dí. Ẹ to 576 ní mẹ́rin-mẹ́rin, kò ní ṣẹ́ kù, nítorí 24 jẹ́ ìlọ́po 2, ìlọ́po ara rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 4. Ẹ to 578 ní mẹ́rin-mẹ́rin, 2 yóò ṣẹ́ kù, nítorí ìlọ́po méjì aṣẹ́kù ni. Bó ṣe máa rí fún gbogbo ìdá irú èyí nìyẹn.

Irú méjì péré ni àwọn ìdá tí a ti dín kù tán tó lè bá wa du ipò yìí, a sì ti lé àwọn méjèèjì lọ. Ẹni tó bá ti lóye ìpínrọ̀ méjì yìí ti ní ẹ̀rí náà lọ́wọ́. Ohun tó kù ni kí a kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń retí rẹ̀ nínú ìdánwò.

Ẹ̀rí náà

*Gbólóhùn.* Kò sí nọ́ńbà oníìpín kankan tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 2.

*Ẹ̀rí.* Ká ní ọ̀kan wà. A lè kọ ọ́ ní a/b, níbi tí a àti b ti jẹ́ nọ́ńbà odidi tó ju òdo lọ, tí a sì ti dín ìdá náà kù débi pé kò sí nọ́ńbà kankan yàtọ̀ sí 1 tó lè pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù. (a/b)² = 2, nítorí náà:

a² = 2b².

Apá ọ̀tún jẹ́ ìlọ́po 2, nítorí náà a² jẹ́ aláìṣẹ́kù. Ẹ̀rí kékeré wa sọ pé a náà jẹ́ aláìṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní a = 2c, ká sì fi í rọ́pò:

4c² = 2b², ìyẹn ni pé 2c² = b².

Ní báyìí, b² ló wá di ìlọ́po 2. Ẹ̀rí kékeré kan náà sọ pé b jẹ́ aláìṣẹ́kù. Nígbà náà 2 pín a, 2 sì pín b. Ṣùgbọ́n a ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín àwọn méjèèjì àyàfi 1. Ìtakora rèé. Nítorí náà àbá wa kì í ṣe òótọ́, kò sí irú ìdá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń jìn sí kòtò ni gbólóhùn nípa dídín kù yẹn. Wọ́n á gbàgbé láti kọ ọ́ lókè, wọ́n á rí i ní ìparí pé a àti b jẹ́ aláìṣẹ́kù, wọ́n á wá kọ «ìtakora». Ìtakora pẹ̀lú kí ni? Kò sí ohun tó burú nínú kí nọ́ńbà méjì jẹ́ aláìṣẹ́kù. 6/4 wà láyé, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ọ́ di ìtakora ni ìlérí tí a ṣe ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹnì kan sì lè béèrè bóyá a lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. A ní. Gbogbo ìdá ló ṣe é dín kù tán, torí pé nígbàkígbà tí a bá fi nọ́ńbà kan pín òkè àti ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì á kéré sí i, nọ́ńbà odidi tó ju òdo lọ kò sì lè máa kéré lọ títí ayé.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí ẹ̀rí náà kò sọ. Kò sọ pé √2 wà. Ó sọ pé bó bá wà, kò sí lára àwọn ìdá. Pé nọ́ńbà kan wà tó bọ́ sí ipò yẹn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, a óò sì ṣe é nígbà tí a bá dé orí tó dá lórí àwọn nọ́ńbà gidi.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀rí náà lórí √4

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lóye ẹ̀rí kan tàbí ẹ kàn há a sórí ni, ẹ lò ó lórí ohun tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. √4 jẹ́ 2, oníìpín sì ni. Ẹ̀rí wa gbọ́dọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibo ni yóò ti kọ̀?

Ká ní √4 = a/b, tí a ti dín in kù tán. Nígbà náà a² = 4b². Akẹ́kọ̀ọ́ tó há a sórí yóò sọ pé: 4 pín a², nítorí náà 4 pín a; ẹ kọ a = 4c, 16c² = 4b², b² = 4c², nítorí náà 4 pín b, ìtakora ti dé, √4 jẹ́ aláìníìpín. Ẹ̀rí tó dùn ún gbọ́ létí, irọ́ ló sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ibi tó ti fọ́ ni «4 pín a², nítorí náà 4 pín a». Ẹ wo 6: 6² jẹ́ 36, 4 sì pín in, àmọ́ 4 kò pín 6. Ẹ̀rí kékeré tó dúró ṣinṣin fún 2 kò dúró fún 4. Bí a bá sì lo èyí tó dúró, pé a jẹ́ aláìṣẹ́kù, a = 2c yóò fún wa ní 4c² = 4b², ìyẹn c = b, gbogbo rẹ̀ á sì parí ní a/b = 2/1 láìsí ìjà kankan.

Ẹ rí i báyìí pé gbogbo agbára ẹ̀rí náà wà nínú ẹ̀rí kékeré. Fún √3, a ní láti tún un ṣe: nọ́ńbà tí 3 kò pín máa ń ṣẹ́ ku 1 tàbí 2, ìyẹn 3m + 1 tàbí 3m + 2. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé 1 ni yóò ṣẹ́ kù nínú méjèèjì. Nítorí náà bí 3 bá pín n², ó pín n, ìyókù ẹ̀rí sì lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìtakora tí a lè fi sísọ́ọ̀sì gé

Ọ̀nà kejì wà tí kò mẹ́nu ba aṣẹ́kù rárá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ẹ lè fi ọwọ́ ṣe é lórí bébà.

Ká ní bébà kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà odidi a àti b géérégé, tí a² = 2b². Ẹ gé igun mẹ́rin ọgbọọgba tó tóbi jù kúrò lára rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ b. Ohun tó kù jẹ́ b àti a − b. Ẹ tún gé igun mẹ́rin ọgbọọgba kan kúrò lára ìyẹn, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ a − b. Ohun tó kù báyìí jẹ́ 2b − a àti a − b. Ẹ jẹ́ ká wo ìrísí rẹ̀. Bí a bá fi 2b² sí ipò a² níbikíbi tó bá ti yọjú:

(2b − a)² = 4b² − 4ab + a² = 6b² − 4ab,

2(a − b)² = 2a² − 4ab + 2b² = 6b² − 4ab.

Wọ́n dọ́gba. Bébà kékeré tó kù ní ìrísí kan náà pẹ̀lú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tún jẹ́ nọ́ńbà odidi tó ju òdo lọ, nítorí pé √2 wà láàárín 1 àti 2. Nítorí náà a tún lè gé òun náà lọ́nà kan náà, àti èyí tó bá kù lára rẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀gbẹ́ wọn á máa kéré sí i nígbà gbogbo, nọ́ńbà odidi ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Ìtakora nìyẹn: láti b, kò ju b lọ ìgbà tí nọ́ńbà odidi lè fi sọ̀ kalẹ̀ kó tó kan òdo.

Ẹ wá gé A4 gidi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 297 àti 210. Ẹ gé 210 kúrò, ó ku 210 àti 87. Ẹ gé 87 kúrò, ó ku 123 àti 87. Bí ẹ bá fi 3 pín ìyẹn, 41/29 ni, ìdá mìíràn tó súnmọ́ √2. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ ó rí 51 àti 36, lẹ́yìn náà 21 àti 15, lẹ́yìn náà 9 àti 6. Ẹ gé ìyẹn náà, ohun tó kù jẹ́ mìlímítà 3 sí 3. Igun mẹ́rin ọgbọọgba ni, kò jọ A4 mọ́ rárá, kò sì sí ohun tí a tún lè gé lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni 9 tó fi lé ní ojú ewé àkọ́kọ́ ti fara hàn: 3 lọ́nà 3.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ fi ẹ̀rí nípa ìtakora hàn pé √5 jẹ́ aláìníìpín. Ẹ kọ ẹ̀rí kékeré tí ẹ nílò ní kíkún, kí ẹ sì tọ́ka sí ìlà tí ẹ ti lò ó.

2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé: «√2 jẹ́ aláìníìpín, √2 + 1 náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó ní √2 nínú.» Ohun tó parí ọ̀rọ̀ sí jẹ́ òótọ́, àmọ́ ìdí tó mú wá kò tó. Ẹ mú nọ́ńbà kan wá tó ní √2 nínú bí a ṣe kọ ọ́ àmọ́ tó jẹ́ oníìpín, kí ẹ tó wá fi «ká ní» kọ ẹ̀rí tó dúró fún √2 + 1.

3. A5 jẹ́ mìlímítà 210 àti 148, torí pé wọ́n ju ìlàjì mìlímítà kan nù nígbà tí wọ́n pín 297 sí méjì. Ẹ gé e bí a ṣe gé A4. Lẹ́yìn ìgbà mélòó ni ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gùn yóò fi kúrú ju èkejì lọ?